Kí ẹ tó pín ilé olóògbé, ẹ bèèrè irú ìgbéyàwó tó ṣe

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Òǹkàwé yín kan kọ̀wé pé bí ọkùnrin Yorùbá bá kú láìṣe wíìlì, aya rẹ̀ kò ní ìpín kankan nínú ilé tó kọ́, àwọn ọmọ ló ni ín. Lọ́yà ni mí, ọ̀rọ̀ ogún ni mo ń bójú tó jù. Òótọ́ ni ohun tó sọ fún àwọn opó kan. Fún àwọn mìíràn, irọ́ gbáà ni, mo sì ti rí opó tí wọ́n fi irọ́ yìí lé jáde nínú ilé tó yẹ kó ní ìpín nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé bàbá kan kú ní Èkó, ó fi ilé tó fúnra rẹ̀ kọ́ sílẹ̀, ilé náà tó 60 mílíọ̀nù náírà. Ìyàwó méjì ló fẹ́ ní ìlànà ìbílẹ̀: ìyálé bí ọmọ kan, ìyàwó kejì bí mẹ́rin. Àṣà ni yóò darí ogún yìí. Ilé náà di ti gbogbo ọmọ pátápátá, lọ́kùnrin lóbìnrin. Dáwódù yóò máa ṣe olórí, àmọ́ olùtọ́jú ni, kì í ṣe oní-nǹkan. Kò lè dá ilé tà láìjẹ́ pé àwọn àgbà ọmọ fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá fẹ́ pín in, ìdí-igi ni àṣà kọ́kọ́ mọ̀, ìyẹn ni pé ìyá kọ̀ọ̀kan tó bímọ dúró fún ìdí kan. Ọmọ kan ṣoṣo ti ìyálé yóò gba 30 mílíọ̀nù, àwọn mẹ́rin yòókù yóò sì pín 30 mílíọ̀nù, ìyẹn mílíọ̀nù 7.5 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń bí àwọn tó pọ̀ nínú. Orí-ò-jorí, tí ì bá fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní mílíọ̀nù 12, ni olórí ẹbí lè yàn bí ìjà bá dé lórí bí wọn yóò ṣe pín in. Ẹjọ́ Dáwódù àti Dánmọ́lé, lórí ogún ọkùnrin kan tó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀ ní Èkó, ló fìdí èyí múlẹ̀, nígbà tí ó dé iwájú Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé-ẹjọ́ ìkẹyìn fún ẹjọ́ Nàìjíríà nígbà náà, ní 1962.

Àwọn ìyàwó méjèèjì ńkọ́? Wọn kò jogún. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ tún sọ bẹ́ẹ̀ ní 1997. Wọ́n lè máa gbé inú ilé náà, abẹ́ àwọn ọmọ wọn ni ọwọ́ wọn ti lè tó nǹkan. Èyí tí kò bímọ ló máa ń jìyà jù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì máa ń dùn mí.

Ṣùgbọ́n ká sọ pé kóòtù ni bàbá yẹn ti fẹ́ ìyàwó kan ṣoṣo, tí wọ́n sì bí ọmọ mẹ́rin. Àṣà kọ́ ni yóò darí ilé rẹ̀ mọ́, òfin ìṣàkóso ogún ni. Bí 60 mílíọ̀nù náà bá ṣì pé lẹ́yìn tí wọ́n ti san gbèsè àti owó ìsìnkú, opó yóò kó ẹrù ilé, yóò sì gba ìdá kan nínú mẹ́ta, ìyẹn 20 mílíọ̀nù. Àwọn ọmọ yóò pín 40 mílíọ̀nù tó kù lọ́gbọọgba, 10 mílíọ̀nù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àbúrò bàbá kò ní nǹkan kan níbẹ̀. Bí ọmọ kan bá wà níta, ẹ má lé e dànù: òfin ìpìlẹ̀ 1999, ìpín 42, kò gbà kí wọ́n fi bí wọ́n ṣe bí èèyàn jẹ ẹ́ níyà.

Ohun méjì ló máa ń tan àwọn opó jẹ. Ìbùkún ní ṣọ́ọ̀ṣì nìkan kì í ṣe ìgbéyàwó òfin, àfi tí ṣọ́ọ̀ṣì náà bá ní ìwé àṣẹ ìjọba, tó sì fún wọn ní ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó lábẹ́ òfin. Èkejì, ilé tí olóògbé fúnra rẹ̀ jogún pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀, tí kò lè fi ṣe wíìlì, kò sí nínú ìpín yìí. Ilé ẹbí ni yóò máa jẹ́.

Ìyàwó tó bá ní ìwé ẹ̀rí yìí kó má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yára ju òun lọ sí ẹ̀ka ogún ní ilé-ẹjọ́ gíga. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba ìwé àṣẹ láti ṣàkóso ogún. Bí àbúrò ọkọ bá ti ń sáré gbà á, kí lọ́yà opó tètè fi ìwé ìdíwọ́ síbẹ̀, kí wọ́n má baà buwọ́ lù ú kí wọ́n tó gbọ́ tirẹ̀. Bí wọ́n bá ti fún àbúrò náà ní ìwé àṣẹ pàápàá, orúkọ rẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ kò sọ ọ́ di onílé. Alábòójútó ni, ó sì gbọ́dọ̀ jíhìn fún opó àti àwọn ọmọ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Agbẹjọ́rò kan, Ìkẹjà