Ìdí Tí Kókó Ẹ Fi Ń Bọ́ Sí Gíréèdì Kejì: Lẹ́kíṣọ̀ Gbangba L'Ákùrẹ́

Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kókó, dípátímẹ́ǹtì ìmọ̀ irè oko ní yunifásítì ń pè wá sí lẹ́kíṣọ̀ l'Ọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀, aago 10 àárọ̀, ní gbọ̀ngàn ńlá inú ọgbà wọn, ọ̀fẹ́ ni o. Wọ́n á la kókó lójú wa, hóró 300 ni wọ́n ń là ní òòró, wọ́n á sì ka èyí tó bu. Tí 9 bá bu nínú 300, ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, gíréèdì kìíní ṣì gbà á, àmọ́ tó bá di 12, ó ti bọ́ sí ìkejì nìyẹn. Èyí tí inú ẹ̀ rí bíi síléètì, tó le gbagidi, kò tíì kan níbi tí a ti fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà ló yẹ kó lò, ká sì máa yí i.

Ọ̀gá dípátímẹ́ǹtì náà ní: "Òjò ló ń dà wá láàmú jù. Ẹlòmíì á kó kókó tí kò tíì gbẹ sínú àpò, ó sì ti ń bu kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ra kókó."

Ẹ mú ìkúnwọ́ kókó tiyín wá, wọ́n á là á.

Nípa dípátímẹ́ǹtì: wọ́n ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nípa ìtọ́jú irè oko lẹ́yìn ìkórè, wọ́n sì ń bá àgbẹ̀ ṣiṣẹ́ lóko.

Akọ̀wé ẹgbẹ́