Sìgá ẹlẹ́yọ kọ̀ọ̀kan ló ń ba owó orí sìgá jẹ́

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn kan ń sọ pé owó tí ìjọba ń gbà lórí sìgá ò já mọ́ nǹkan kan, mi ò tiẹ̀ bá wọn jiyàn púpọ̀, torí ẹ wo owó ọ̀hún náà: ní 2018 náírà kan ni wọ́n fi lé ẹyọ kan, ó di náírà méjì ní 2019, ó di náírà méjì àti 90 kọ́bọ̀ ní 2020, ìyẹn yàtọ̀ sí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún tó ti wà nílẹ̀ nígbà náà. Bọ́jà ṣe ń wọ́n nígbà náà, kí ni náírà mẹ́ta tí ò tiẹ̀ pé fẹ́ ṣe?

Ní Sáútù Áfíríkà, láti àárín ọdún 1990 síwájú, wọ́n ń gbé tiwọn sókè ju bọ́jà ṣe ń wọ́n lọ, láàárín bí ọdún mẹ́wàá, sìgá tí wọ́n ń mu dín ní bí ìdá kan nínú mẹ́ta, owó tó ń wọlé fún ìjọba sì tún pọ̀ sí i.

Tiwa tún wá ní ìṣòro míì. Òfin tábà ti 2015 ní kí ẹnikẹ́ni má ta sìgá ní ẹyọ, páàkì ológún ni kí wọ́n tà. Ẹ dé Ọjà Ọba l'Ádó wò ná, páàkì tó ṣí sílẹ̀ lórí àtẹ, láítà tí wọ́n fi okùn so mọ́ ọn! Ọmọ iléèwé tí ò lè ra páàkì á ra ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ lọ̀wọ́n sìgá máa ń tètè dá dúró jù. Wòléwòlé tó ń yẹ ṣáláńgá wò, ṣé kò lè yẹ àtẹ náà wò ni?

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín l'Ádó-Èkìtì