Àṣàkẹ́ mi, gbọ́ ohun tí fóònù dá sílẹ̀ nílé wa

Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́.

Àṣàkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan. Ṣé yìnyín ti yọ́ tán ní Kálígárì? Máǹgòrò ti kún ìgboro níbí, orúnkún Màmá ti ń fúyẹ́, àbúrò mi sì ti mú ìyàwó wálé. Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé ìdí ìwé gan-an rèé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan pe Tọ́mi lórúkọ lẹ́nu géètì ilé ìwé wọn. Ó ní, "Tọ́mi, o kú oríire, o gbapò kìíní!" Ó fẹ́ ra bisikíìtì fún un. Ọmọ ò mọ̀ ọ́n rí, ló bá sá wọlé padà. Ọkùnrin yìí kò ní ibi lọ́kàn o, oníbàárà tó ń ra oúnjẹ adìẹ lọ́wọ́ Bàbá Tọ́mi ni, ṣùgbọ́n àyà mi ò balẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Bàbá Tọ́mi ló gbé fọ́tò ọmọ sí sítátọ́ọ̀sì Wáásáàpù: yúnífọ́ọ̀mù lọ́rùn, orúkọ ilé ìwé láyà rẹ̀, káàdì èsì lọ́wọ́.

Wọ́n ní àwọn èèyàn àwọn nìkan ló ń rí i. Mo ní, "Èèyàn yín mélòó?" A jọ ṣí i wò. "My contacts" ló wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù wọn, tóun náà sì ní tiwọn, ló ń rí i: oníbàárà, dírẹ́bà, dórí ẹni tó ta jẹnẹrétọ̀ fún wa. Ó ń parẹ́ lẹ́yìn wákàtí 24 lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó bá ti ya ojú fóònù rẹ̀ ti mú un lọ, kò sì sí ohun tí yóò ta ọ́ lólobó.

A yí i sí "Only share with...", a mú ẹbí nìkan. Èyí tí wọ́n ti gbé síta ṣáájú kò bá a yí, a ní láti pa á rẹ́ fúnra wa. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n gbé iye owó oúnjẹ adìẹ síta, oníbàárà kankan ò pè. Àṣé ibi tí a yí i sí náà ló dúró sí! Bí a ṣe fẹnu kò nìyẹn: sítátọ́ọ̀sì wọn di ti ọjà, fọ́tò Tọ́mi ń lọ sí gúrúùpù ẹbí, èyí tó bá fi yúnífọ́ọ̀mù tàbí ẹnu ọ̀nà ilé wa hàn kò sì gbọdọ̀ lọ síbì kankan. Tèmi náà, kí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn mí kí wọ́n tó gbé e.

Ti òru ló pẹ́ kó tó yanjú. A ti kọ́kọ́ sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tẹ fóònù lórí ibùsùn, kò pẹ́ tó fi bàjẹ́, nítorí fóònù náà ló ń jí wa, ọwọ́ tó bá sì ti pa á lẹ́nu mọ́ láàárọ̀ á gbàgbé ara rẹ̀ síbẹ̀. Mo wá ra aago tó ń jí èèyàn ní Sábó. Láti aago mẹ́wàá alẹ́, fóònù méjèèjì ti wà lára ṣọ́kẹ́ẹ̀tì pálọ̀, kí iná tó bá dé lóru lè bá wọn níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan dìde. A tan "Do Not Disturb", a sì yọ̀ǹda kí ìpè Màmá àtàwọn ẹ̀gbọ́n wa máa dún. Àṣàkẹ́, a ti tún ń sọ̀rọ̀ kí a tó sùn! Inú mi ń dùn sí i.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà àṣírí ló le jù. A jọ mọ ti ara wa nítorí àìsàn àti pàjáwìrì, ṣùgbọ́n mo ní kí ẹnikẹ́ni má ka ohun tí ọ̀rẹ́ ẹnì kejì kọ. Wọ́n ní, "Kí lo ń fi pa mọ́?" Mo ní kì í ṣe tèmi ni mò ń pa mọ́, ti ẹni tó finú hàn mí ni. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n àwọn kan wà tí àwọn náà ò ní fẹ́ kí n rí.

Ibẹ̀ lo ti kàn. Bí o bá ṣíwọ́ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ yín, aago mọ́kànlá alẹ́ ti lù níbí. Máa fi ohùn rẹ ránṣẹ́, aago mẹ́fà àárọ̀ ni n óò gbọ́ ọ. Bí nǹkan bá ká ọ lára jù, má kọ ọ́, pè mí; mo ti fi orúkọ rẹ mọ́ àwọn tí ìpè wọn ń dún lóru.

Àti èyí tó wúwo lọ́kàn mi jù: Bàbá Tọ́mi rí mi tí mò ń sunkún lẹ́yìn tí mo gbọ́ ohun tí o sọ nípa ìwọ àti Bàbá Fẹ́mi. Wọ́n béèrè, n kò dáhùn, wọn ò sì ṣí fóònù mi. Ṣé kí n sọ fún wọn, àbí kí ó wà láàárín àwa méjèèjì? Tìrẹ ni ọ̀rọ̀ náà. Fèsì kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, jọ̀wọ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Ìyá Tọ́mi