Bí mo ṣe sọ lẹ́kíṣọ̀ bakitéríà di fílóṣáàtì

Bísí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà ní Sókótó, ooru ibẹ̀ ńkọ́? Nóòtì lẹ́kíṣọ̀ tí wọ́n ṣe fún wa ní Alábàtà níbí, èyí tó o ní kí n fi ránṣẹ́, mi ò fi ránṣẹ́ bó ṣe wà o, mo ti sọ ọ́ di fílóṣáàtì. Ṣó o rí i, orúkọ bakitéríà ni lẹ́kíṣọ̀ yẹn fi ń bẹ̀rẹ̀, á dárúkọ ọ̀kan á wá to gbogbo ìwà ẹ̀ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó wà ní láàbù ò tíì mọ orúkọ kankan, ohun tójú ẹ̀ rí nìkan ló mọ̀. Mo wá fi ìbéèrè ṣáájú. Bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdáhùn kọ̀ọ̀kan á gbé ẹ dé ìbéèrè míì tàbí dé orúkọ.

Jẹ́ ká fi èyí tí wọ́n mú lójú egbò wò ó. Gíráámù, ìyẹn fífi àwọ̀ kun bakitéríà, ló kọ́kọ́ wà: ṣé àwọ̀ àlùkò ló mú àbí pínkì? Ohun tó o gbìn ò gbọdọ̀ ju bí ọjọ́ kan lọ, torí tó bá ti gbó, èyí tó yẹ kó mú àlùkò lè mú pínkì, o ti ṣìnà nìyẹn. Tiwa mú àlùkò, ó rí roboto, ó sì ṣù jọ.

Ó kan kátálésì, èròjà tó ń mú haidirojíìnì pẹrọ́sáìdì hó. Kán haidirojíìnì pẹrọ́sáìdì 3% sórí síláìdì tó mọ́, fi igi ìtayín bu bakitéríà sí i. Tó bá hó lójú ẹsẹ̀, ẹbí Sitafilokọ́kọ́sì ni, tí ò bá hó, lọ sọ́dọ̀ Sitirẹputokọ́kọ́sì àti Ẹntẹrokọ́kọ́sì. Má jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ inú ágà tó o gbìn ín sí bá a wá o, ẹ̀jẹ̀ fúnra ẹ̀ ní kátálésì, á hó ni. Tiwa hó gan-an.

Ìgbà yẹn la tó ṣe koágúlésì, èròjà bakitéríà tó ń mú pílásímà, ìyẹn omi ara ẹ̀jẹ̀, dì. Má fi í ṣáájú, torí àwọn Ẹntẹrokọ́kọ́sì kan lè mú pílásímà tí wọ́n fi sítíréètì sí dì, kátálésì ló máa ti yọ wọ́n kúrò lọ́nà. Po bakitéríà mọ́ pílásímà ehoro, gbé e sí 37°C, wò ó lẹ́yìn wákàtí 4. Tó bá ti dì, Sitafilokọ́kọ́sì ọ́ríọ́sì ni, tí ò bá dì, fi í sílẹ̀ di wákàtí 24. Mo fún wákàtí 4 yìí ní àpótí tiẹ̀ nínú àtẹ náà, torí àwọn ọ́ríọ́sì míì máa ń tú ohun tí wọ́n ti mú dì padà, ẹni tó bá jẹ́ pé ọjọ́ kejì nìkan ló wò ó, omi ló máa bá. Tiwa ti dì ní wákàtí 4, ibẹ̀ la dúró.

Ṣùgbọ́n ìwọ tó jẹ́ ara ẹranko lò ń ṣiṣẹ́ lé, ìdúró yẹn ò tó ẹ. Tó bá jẹ́ lójú egbò ajá lo ti mú u, Sitafilokọ́kọ́sì súdíńtamídíọ́sì náà máa ń mú pílásímà dì, kódà òun ló wọ́pọ̀ lára ajá. Torí náà mo fi àpótí kan sílẹ̀ lófìfo lẹ́yìn koágúlésì, jọ̀ọ́ bá mi kọ àyẹ̀wò tí ẹ fi ń yà wọ́n lọ́tọ̀ níbẹ̀ síbẹ̀ kó o sì fi ránṣẹ́ padà.

Èmi ni tìẹ,
Títí