Lẹ́tà sí Àǹtí mi l'Óṣogbo: nọ́ńbà mi kò ní yí padà

Àǹtí mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n jókòó sọ fún yín ni mo wá kọ sí gbangba yìí, kí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà mi wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè bá yín kà á: ará ilé, àwọn tí a jọ ṣe àgùnbánirọ̀, àtẹ̀yin oníbàárà tí ẹ ń ra tòmátò lọ́wọ́ mi. Ìparí oṣù kẹjọ ni mò ń lọ sí Kánádà. Ẹ̀kọ́ nípa erùpẹ̀ oko ni mo fẹ́ lọ kà ní yunifásítì tó wà ní ìlú Saskatúùnù, ọdún 2 ni.

Lọ́jọ́ tí a jọ ń já ewédú lẹ́yìnkùlé, ẹ bi mí pé, "Tóo bá débẹ̀, nọ́ńbà wo la ó máa fi pè ẹ́?" Mo dáhùn wéré pé màá fi tuntun ránṣẹ́ sí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbàgbé èsì yẹn. Mi ò ní fi nọ́ńbà tuntun kankan ránṣẹ́. Èyí tí ẹ ti ń fi pè mí láti ọjọ́ yìí náà ni ẹ ó máa fi rí mi.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá ọ̀rẹ́ mi ló mú mi ronú sí i. Ọmọ rẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, kò tíì pé oṣù kan tí ọ̀rọ̀ wọlé sórí WhatsApp ìyá náà: "Mọ́mì, nọ́ńbà mi tuntun rèé, ẹ pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́." Fọ́tò ọmọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, èyí tó yà ní pápákọ̀ òfuurufú tó sì fúnra rẹ̀ gbé sórí Facebook. Ọjọ́ 3 gbáko, ìkíni nìkan ni ẹni náà ń ṣe: "Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé ẹ ti jẹun?" Lọ́jọ́ kẹrin ló wá ní owó ilé ń lé òun, kí wọ́n bá òun fi ₦150,000 sínú àkáǹtì ọ̀rẹ́ òun ní Nàìjíríà, pé òun yóò dá a padà tó bá di ìparí oṣù. Ìyá fi owó ránṣẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ọmọ gan-an pè, tó ní òun ò mọ nǹkan kan nípa owó ilé. Nígbà tí wọ́n padà wo nọ́ńbà yẹn, +234 ló fi bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ +44 ni ti Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá ti rí fọ́tò ọmọ, kò sì wo ibòmíràn mọ́.

Nítorí náà, Àǹtí mi, ẹni tó bá fi nọ́ńbà tuntun ránṣẹ́ sí yín lórúkọ mi, èmi kọ́ o. Bó tilẹ̀ jẹ́ +1 tí wọ́n ń lò ní Kánádà ló fi bẹ̀rẹ̀, ẹ má gbà á gbọ́.

Bó ṣe máa ṣeé ṣe nìyí. WhatsApp kò béèrè pé kí síìmù tí a fi ṣí i jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tí a fi ń ra dátà. Tí mo bá débẹ̀, màá ra síìmù wọn fún dátà àti fún ìpè ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n orí ti Nàìjíríà ni WhatsApp mi yóò wà. Fóònù lè bi mí bóyá kí ó gbé e lọ sórí nọ́ńbà tuntun. Mi ò ní gbà, mi ò sì ní fọwọ́ kan ibi tí wọ́n kọ `Change number` sí. Mo tún ti tan `Two-step verification`, tó ń béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ oníhóró 6 lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ fi nọ́ńbà mi ṣí WhatsApp lórí fóònù mìíràn. Ẹ bá mi ṣe é lórí tiyín náà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni síìmù ilé. Wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi bébà dì í, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí. Àjọ NCC tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù ní Nàìjíríà gbà kí ilé iṣẹ́ pa ìlà tí a kò fi pè, tí a kò fi tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, tí a kò fi lo dátà fún oṣù 6. Tó bá tún lo oṣù 6 mìíràn bẹ́ẹ̀, wọ́n lè gba nọ́ńbà náà kí wọ́n sì tà á fún ẹlòmíràn. Ẹni tó rà á kì í ṣe olè, kò mọ nǹkan kan, àmọ́ tirẹ̀ ni gbogbo ohun tó bá ń wọlé sórí rẹ̀: ìpè yín, àti nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí báńkì ń fi ránṣẹ́ kí owó tó jáde. Nọ́ńbà yìí náà ló wà lórí BVN mi. Kí a máa sáré tún un ṣe láti òkè òkun kì í ṣe eré.

Mo ti ra fóònù tó ń gba ìlà 2. Kí n tó kúrò ní Ìkẹjà, màá ní kí ilé iṣẹ́ náà ṣí ìlà Nàìjíríà mi kó lè ṣiṣẹ́ lókè òkun, màá sì fi owó káàdì sí i. Mi ò ní máa fi í pe ènìyàn, torí owó ìpè láti ibẹ̀ wọ́n. Àmọ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kọ̀ọ̀kan, màá fi tẹ ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí yín, kì í ṣe lórí WhatsApp o, ti fóònù lásán ni, èyí tí fóònù oníbọ́tìnì Màmá pàápàá ń gbà. Iṣẹ́ 2 ló ń ṣe: ó ń fi han ilé iṣẹ́ pé ìlà náà ṣì wà láàyè, ó sì ń fi han ẹ̀yin pé ọwọ́ mi ló wà. Tí ọjọ́ 5 bá kọjá tí ẹ kò rí i, ẹ pè mí lórí WhatsApp kí ẹ bi mí.

Ní ti aago, wákàtí 7 ni ẹ fi ṣáájú wa. Àwọn ará Toróńtò máa ń yí aago wọn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ìdí nìyẹn tí ìyàtọ̀ àárín ẹ̀yin àti àbúrò yín tó wà níbẹ̀ fi jẹ́ wákàtí 5 nígbà mìíràn, tó tún ń di 6. Ìpínlẹ̀ tí mò ń lọ kì í yí tiwọn, 7 ni títí ọdún. Ẹ lè tẹ `Saskatoon` sínú aago fóònù yín, yóò máa fi hàn yín. Nígbà tí ẹ bá jí ní aago 5 ìdájí láti gbàdúrà, aago 10 alẹ́ àná ni lọ́dọ̀ mi. Ẹ lè pè, mi ò tíì sùn. Àmọ́ tí ẹ bá pè ní aago 10 àárọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù, aago 3 òru ni mo wà. Ọjọ́ Àìkú, aago 4 ìrọ̀lẹ́ yín, ni màá máa pè sórí fóònù yín kí Màmá lè rí ojú mi. Aago 9 àárọ̀ ni níbi tí mo wà, n kò ní kíláàsì.

Ó ku ohun kan. Tí ẹnikẹ́ni bá fi orúkọ mi béèrè owó, ì báà jẹ́ lórí nọ́ńbà mi gan-an, ẹ má tíì fi ránṣẹ́. Wọ́n lè jí fóònù mi. Ẹ pè mí kí ẹ rí ojú mi, kí ẹ sì bi mí ní ohun tí mo fọ́ ní ilé ìdáná yín lọ́jọ́ Iléyá tí mo fi sá lọ sọ́dọ̀ Màmá. Mi ò kọ ọ́ síbí, ẹ̀yin náà ẹ má sọ ọ́ fún ẹnì kan.

Ẹ bá mi fi nọ́ńbà náà sórí fóònù Màmá, kí ẹ sì fi orúkọ oríkì mi pamọ́ sí i, torí òun ló mọ̀ mí sí. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yóò wọlé.

Èmi ni,
ọmọ yín.