Jẹnẹrétọ̀ tí mo rí nínú fọ́tò kọ́ ni wọ́n gbé wá

Òkè-Àró, Àkúrẹ́
Ọjọ́ Sátidé

Fúnmi ọ̀rẹ́ mi,

Báwo ni Jos, ṣé òtútù ò tíì gbé ọ lọ? Inú ló ń bí mi tí mo fi kọ̀wé o.

O rántí pé mo ní bí owó àjọ mi bá jáde, jẹnẹrétọ̀ ni n ó fi rà sí ṣọ́ọ̀bù. Fòó-sítírókù ni mo fẹ́, èyí tí ọ́ìlì rẹ̀ ní ojú tirẹ̀ lọ́tọ̀. Tuu-sítírókù tí mò ń lò tẹ́lẹ̀, inú bẹntiróòlù la ti ń po ọ́ìlì mọ́ ọn, èéfín rẹ̀ sì ti ba léèsì funfun oníbàárà kan jẹ́ rí. Mo rí ọ̀kan lórí fóònù, mo sanwó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló dé. Ọmọ iṣẹ́ mi tú páálí, ó gbé ọ́ìlì dání, ó yí ẹ̀rọ náà ká títí. Ó ní, "Ọ̀gá mi, mi ò rí ihò tí n ó rọ ọ́ sí." Mo rò pé kò mọ̀ ọ́n wò ni. Mo wò ó fúnra mi, kò sí!

Mo bá ṣí fọ́tò ìpolówó tí mo ti fi pamọ́ kí n tó sanwó. Mo gbé tèmi kalẹ̀ bí ti inú fọ́tò yẹn ṣe dúró gẹ́lẹ́, mo yà á, mo tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àwọ̀ kan náà, sítíkà kan náà, nọ́ńbà kan náà lára táǹkì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ mú mi, torí sítíkà ṣeé lẹ̀ mọ́ ohunkóhun. Ara ẹ́ńjìnì ni mo wò. Nínú fọ́tò, ìdérí dúdú tó ní ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì wà nísàlẹ̀, ìdérí fáàfù tí wọ́n fi bóòtì dè sì wà lókè. Tèmi, ìsàlẹ̀ dí pa, òkè rẹ̀ ò sì ní ju púlọ́ọ̀gì àti ìyẹ́ irin lọ. Kódà ife kékeré tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì sí bẹntiróòlù wà nínú páálí! Ta ló ń fi ìyẹn ṣe fòó-sítírókù?

Mo kọ̀wé sí ọ̀gbẹ́ni tó tà á fún mi. Ó ní iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, pé fọ́tò yẹn fún àpẹẹrẹ lásán ni. Mi ò bá a jà. Mo fi fọ́tò méjèèjì ránṣẹ́ pẹ̀lú rìsíìtì, mo yí pupa sí ojú méjèèjì tí wọ́n ti yàtọ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gbé èyí tẹ́ ẹ polówó wá, tàbí kẹ́ ẹ dá gbogbo owó mi padà. Ẹ̀yin lẹ ó san owó mọ́tò tí yóò gbé èyí padà. Ọjọ́ 7 ni mo fún yín. Lẹ́yìn ìyẹn, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà ni n ó kọ̀wé sí, lábẹ́ òfin ọdún 2018."

Ìbéèrè tó wá bi mí ni pé ṣé mo ti tan án. Mo mọ ibi tó ń lọ: tí n bá ti tan án, á ní mo ti lò ó. Ẹ̀kán epo kan ò kàn án! Ó ti pé ọjọ́ 3 báyìí tó ti bi mí bẹ́ẹ̀, kò tíì sọ ohun tó máa ṣe. Abẹ́ tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ ni páálí náà wà, ẹsẹ̀ ni mo ṣì fi ń tẹ ẹ̀rọ.

Bá mi kí àwọn ọmọ.

Èmi ni tìẹ,
Dúpẹ́