Lẹ́tà sí Olóòtú: Ẹ má tíì pa kíka ọjà ìparí ọdún tì

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo ka lẹ́tà tí òǹkàwé yín kan kọ pé kí àwọn tó ní ilé ìkẹ́rùsí pa kíka gbogbo ọjà ní ìparí ọdún tì, kí wọ́n máa ka díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ dípò rẹ̀. Iṣẹ́ sítọ́kípà ni mo ń ṣe ní Ìbàdàn, níbi tí a ti ń pín ọṣẹ, tòmátì alágolo àti mílíìkì fún àwọn tó ń rà ní páálí. Mo fara mọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ní ìparí ọdún kan, a ti ilẹ̀kùn fún ọjọ́ 2, a sì ka gbogbo ohun tó wà nílẹ̀. A ní oríṣi ọṣẹ ìfọṣọ 2 tí páálí wọn jọra bí ìbejì, àmọ́ tí ọ̀kan gba ẹyọ 24, tí èkejì sì gba 30. Nígbà tí a kà wọ́n tán, páálí 118 ló dín nínú oníẹyọ 24, páálí 112 ló sì lé nínú oníẹyọ 30. Olùṣirò owó wa yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, ó ní páálí 6 péré ló sọnù, ó sì pa á rẹ́ nínú ìwé. Nítorí pé páálí oníẹyọ 30 wọ́n ju èkejì lọ, owó ọjà tó wà nílẹ̀ tilẹ̀ lé díẹ̀ sí ti inú ìwé, inú ọ̀gá sì dùn. Kò sí ẹni tó béèrè ibi tí èrè tí a kò ṣiṣẹ́ fún ti wá.

Ọwọ́ àwọn oníbàárà ló ti wá. Wọ́n sanwó oníẹyọ 30, a gbé oníẹyọ 24 fún wọn. Ẹyọ 6 lórí páálí kọ̀ọ̀kan nínú 112 jẹ́ ẹyọ 672. Àwọn kan ti pariwo láàárín ọdún, àwọn ọmọ ọkọ̀ la sì dá lẹ́bi (mo wà lára àwọn tó dá wọn lẹ́bi). Kíka ìparí ọdún fi hàn pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ bóyá oṣù kẹta ni tàbí oṣù kẹwàá.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, a bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ọjà tó ń yá jù ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, páálí 9 dín lápá kan, 9 lé lápá kejì. Ìwé ìgbẹ́rù ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo la ní láti yẹ̀ wò, kò sì pẹ́ tí a fi rí i pé ẹsẹ̀ kan náà la to ọṣẹ méjèèjì sí, àwọ̀ páálí ni àwọn tó ń gbé ẹrù sì ń wò. A yà wọ́n sọ́tọ̀, a kọ 24 àti 30 gàdàgbà sára ògiri, ìyàtọ̀ náà sì dáwọ́ dúró.

Àmọ́ kíka náà lè dá àṣìṣe tirẹ̀ sílẹ̀. Nígbà kan, kọ̀ǹpútà ní páálí mílíìkì 200 ló wà, akọ̀wé wa ka 260, ó sì tún un ṣe sí 260 lójú ẹsẹ̀. Kò mọ̀ pé 60 tó lé ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láàárọ̀ ni, a kò tíì tẹ ìwé rẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ nírọ̀lẹ́, ẹ̀rọ di 320. Láti ìgbà náà, aago 6 àárọ̀ la ń kà, kí ilẹ̀kùn tó ṣí, lẹ́yìn tí gbogbo ìwé àná bá ti wọlé. A kì í kọ iye inú ẹ̀rọ sórí ìwé ẹni tó ń kà, ẹlòmíràn sì gbọ́dọ̀ tún un kà kí a tó yí ohunkóhun padà.

Ibi tí èmi àti òǹkàwé yín ti yapa nìyí. Inú ẹ̀rọ ni orúkọ ọjà tí a ń kà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ti ń jáde, ibi tí ẹ̀rọ mọ̀ nìkan la sì ń lọ. Páálí tòmátì 41 tí àwọn oníbàárà dá padà, tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀, wà lẹ́yìn yàrá jẹnẹrétọ̀ fún oṣù mélòó kan, a sì ka tòmátì léraléra láìrí wọn. Ọjọ́ tí a ka ilé náà láti ògiri dé ògiri la tó bá wọn, ọjọ́ ìlò àwọn kan sì ti kọjá. Lóòótọ́, èèyàn lè máa mú igun kan lọ́sẹ̀ kan, kí ó ka ohunkóhun tó bá bá níbẹ̀, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ wa kò pọ̀ tó láti yí gbogbo ilé náà ká lọ́nà bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, a ṣì ń ti ilẹ̀kùn fún ọjọ́ 2 náà lọ́dọọdún. Ohun tí a yí padà ni pé olùṣirò owó kò gbọ́dọ̀ yọ àléékún ọjà kan kúrò nínú àìtó òmíràn mọ́: ìlà tirẹ̀ ni ọjà kọ̀ọ̀kan ń dá gbà, a sì ń wá ìdí èyí tó lé gẹ́gẹ́ bí a ti ń wá ìdí èyí tó dín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Sítọ́kípà kan, Ìbàdàn